Ọkùnrin Oníbàtà Funfun Inú Fọ́tò Ọgọ́ta

Dúró-Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ayàfọ́tò náà, nítorí ohun tó máa ń wí nìyẹn bó bá ti gbé kámẹ́rà sójú. "Dúró bẹ́ẹ̀." Ó ń sọ ọ́ fún ọmọ ọwọ́, ó ń sọ ọ́ fún ọ̀gá ilé ìwé. Wọ́n ní ó sọ ọ́ fún ajá kan rí, ajá náà sì dúró. Ó ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú sọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ. Aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run ló ta sára ògiri ẹ̀yìn, àga onírin kan wà níwájú aṣọ náà, kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì wà ní kọ̀rọ̀ níbi tí oòrùn kò ti lè bá ojú rẹ̀ jà.

Ẹ jẹ́ kí n má fi ibi kankan pamọ́ nípa ọkùnrin yìí. Ó ń fura jù. Bí èèyàn bá kí i lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan, á bi í pé kí ló dé. Bí oníbàárà bá yin iṣẹ́ rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, á tún gbé fọ́tò náà yẹ̀ wò, á máa wá ohun tí olúwarẹ̀ fẹ́ fi ìyìn yẹn bò mọ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jọ ń ya fọ́tò, ti sọ fún un títí pé ìfura kò jẹ́ kó gbádùn ayé. Ó ní òun gbọ́. Kò jáwọ́.

Kì í kúkú ṣe ẹjọ́ rẹ̀ nìkan. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọkùnrin kan gbé fọ́tò ìdílé wá, ó ní kó bá òun yọ èèyàn kan tó dúró sí etí rẹ̀, pé aládùúgbò lásán ni. Dúró-Bẹ́ẹ̀ yọ ọ́. Àṣé àbúrò ọkùnrin náà ni, fọ́tò yẹn ló sì gbé síwájú àwọn ẹbí láti fi sọ pé òun nìkan ni bàbá òun bí. Wọ́n pe Dúró-Bẹ́ẹ̀ wá síbi ìpàdé ẹbí náà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí olè, wọ́n bi í léèrè títí ojú fi tì í. Láti ọjọ́ náà ló ti pinnu pé òun kò ní yọ èèyàn kúrò nínú fọ́tò mọ́ láìmọ ìdí.

Ìyẹn ni pé nígbà tí lẹ́tà yẹn dé, ibi tó ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀ ló bọ́ sí.

Abẹ́ ilẹ̀kùn sọ́ọ̀bù ló ti bá a láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nínú àpòòwé funfun. Ìyẹn gan-an ti tó fura sí. Ta ló ń kọ lẹ́tà láyé tí fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn? Ó jókòó, ó wọ gíláàsì, ó kà á.

"Ẹ̀yin bàbá wa, ayàfọ́tò wa àtàtà,

Mo kí yín, mo sì kí màmá. Ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Gbogbo fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ wá lọ́wọ́, wọ́n dára gan-an. Kò sẹ́ni tó máa wò ó tó máa mọ̀ pé n kò sùn mọ́jú ọjọ́ náà.

Ẹ jọ̀wọ́, mo ní ẹ̀bẹ̀ kékeré kan. Ọkùnrin kan wà nínú àwọn fọ́tò náà tí èmi kò mọ̀ rí, ọkọ mi náà kò mọ̀ ọ́n. Ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú àti bàtà funfun. Ó wà nínú nọ́ńbà 60, 141, 203, 204 àti 318. Bí kò bá ní ni yín lára, ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò nínú márààrún kí ẹ tó tẹ álúbọ́ọ̀mù. Ní nọ́ńbà 60, ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí ẹ yọ ọkùnrin náà nìkan. Bó bá sì ṣeé ṣe, ẹ pa èyí tó wà lọ́wọ́ yín náà rẹ́.

Ẹ dákun, ẹ má pè mí lórí fóònù nípa ọ̀rọ̀ yìí. Màá yà lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́bọ̀ bí mo bá ṣíwọ́. Ẹ má bínú pé mò ń yọ yín lẹ́nu. Ìrọ̀rùn ilé mi ló wà nínú rẹ̀.

Èmi ni ìyàwó tí ẹ ní kó má sunkún mọ́, kí àtíkè ojú rẹ̀ má bàa ṣàn."

Ó kà á tán, ó tún un kà. Nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ya fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ láìpẹ́ yìí ló kọ ọ́. Lẹ́tà náà dùn, ó mọ́ tónítóní, ó ní ọ̀wọ̀. Ohun tó wá kọ Dúró-Bẹ́ẹ̀ lóminú gan-an nìyẹn. Kí ló dé tí obìnrin náà kò fẹ́ ká pe òun lórí fóònù? Ta ni kò fẹ́ kó gbọ́?

Ó tan kọ̀ǹpútà, ó ṣí àwọn fọ́tò náà. Ọkùnrin náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, bàbá kan tó sanra díẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín. Ní nọ́ńbà 141, ó dúró sẹ́yìn ọkọ̀ ìyàwó. Ní 203 àti 204, ó wọ àárín ẹbí ìyàwó, ó gbé àyà sókè bí ẹni tó bí gbogbo wọn. Ní 318, níbi tí wọ́n ti ń gé kéèkì, ojú rẹ̀ yọ láàárín orí méjì. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Kò sí ìgbéyàwó tí àlejò kan kì í ti í yọjú síbi tí wọn kò pè é, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì ti yọ àìmọye wọn. Ó ní òun á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí kò le.

Ó ya ẹ̀dà fọ́tò kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ kó má bàa fọwọ́ kan ojúlówó. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 203. Ó fi ohun ìtọ́ka yí ọkùnrin náà ká díẹ̀díẹ̀, láti orí dé bàtà, ó sì pa á rẹ́. Ihò tó kù sílẹ̀ ló wá ní láti dí. Ó mú aṣọ ògiri tó wà lápá òsì, ó fi dí òkè. Ó mú táìlì ilẹ̀ láti iwájú, ó tẹ̀ ẹ́ bọ ìsàlẹ̀, ó rí i pé ìlà táìlì bá ara wọn mu, nítorí ibi tí ìlà kò bá ti bára mu ni ojú èèyàn ti ń rí àbùlẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ ọkùnrin náà ti bo apá àǹtí ìyàwó kan. Dúró-Bẹ́ẹ̀ wá fọ́tò mìíràn tó yà ní ìṣẹ́jú àáyá méjì ṣáájú, nígbà tí ọkùnrin náà kò tíì sún mọ́ wọn, ó gé apá àǹtí níbẹ̀, ó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ èjìká rẹ̀ níbí. Ó kù díẹ̀ kó gbàgbé òjìji bàtà náà lórí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ayàfọ́tò ló máa ń yọ èèyàn tí wọ́n á fi òjìji rẹ̀ sílẹ̀, táwọn tó ń wò ó á wá máa bi ara wọn pé òjìji ta nìyí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, mẹ́rin ti tán.

Ó wá ku nọ́ńbà ọgọ́ta.

Ilẹ̀kùn ni fọ́tò ọgọ́ta. Àṣà Dúró-Bẹ́ẹ̀ ni pé bó bá ti dé gbọ̀ngàn, á ya ilẹ̀kùn yàrá ìmúra, tí wọ́n lẹ bébà "Yàrá Ìyàwó" mọ́. Nínú èyí, ilẹ̀kùn náà ṣí, oníbàtà funfun sì ń jáde bọ̀ níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ kan wà lára kóòtù rẹ̀ bí ẹni tó ń tún bọ́tìnnì ṣe. Ìyàwó kò sí nínú fọ́tò náà rárá.

Dúró-Bẹ́ẹ̀ fi ọwọ́ lẹ́rán. Èèyàn á ní ká yọ àjèjì kúrò nínú fọ́tò tóun wà, ìyẹn yé ni. Kí wá ni ti ìyàwó nínú fọ́tò ilẹ̀kùn? Ó tẹ bọ́tìnnì sẹ́yìn lọ sí nọ́ńbà tó ṣáájú. Ìyàwó ló wà níbẹ̀, níwájú dígí, aṣọ ilé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wọ̀, tówẹ̀lì ló fi bo èjìká. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ìyàwó náà ni, aṣọ náà ni. Ó wo aago tí kọ̀ǹpútà kọ sábẹ́ wọn. Àkọ́kọ́, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ti ilẹ̀kùn, mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ìkẹta, mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Ọkùnrin kan jáde nínú yàrá tí ìyàwó wà láìtíì wọṣọ tán, lówùúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Gbogbo ẹbí méjèèjì ló sì rí i, nítorí Dúró-Bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ ló to àwọn fọ́tò náà tẹ̀ léra tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí wọn.

"Hẹn," ló wí sínú ara rẹ̀. "Mo mọ̀."

Kò dúró kí ilẹ̀ mọ́ kó tó bi ìyàwó rẹ̀, nítorí òun ló máa ń ya fọ́tò nínú yàrá obìnrin. Inú ilé ìdáná ló bá a, ó ń fọ abọ́.

"Ìyá wọn, ọkùnrin wo ló wọ yàrá ìmúra lọ́jọ́ ìgbéyàwó nọ́ọ̀sì yẹn?"

"Kò sí ọkùnrin kankan."

"Rò ó dáadáa."

"Kí ni mo fẹ́ rò? Láti ìgbà tọ́mọ yẹn ti wọlé títí tó fi wọṣọ tán, mi ò kúrò níbẹ̀. Ọkùnrin kankan ò tẹ ẹsẹ̀ wọbẹ̀."

"Mo ní fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́. Kámẹ́rà kì í purọ́."

Ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ sílẹ̀, ó nu ọwọ́. "Èmi ni mò ń purọ́ nìyẹn. Tàbí èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un?"

Ó yẹ kó sọ pé rárá. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, obìnrin tó ti bá a gbé láti ìgbà tí irun ṣì pọ̀ lórí rẹ̀ sì mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń sọ. Kò bá a jà. Ó kàn gbé oúnjẹ tirẹ̀ lọ síwájú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó jẹun tán, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Bó bá ní ohun tó fẹ́ kó gbọ́, á sọ ọ́ fún ìkòkò.

Ọjọ́rú ni Dúró-Bẹ́ẹ̀ tún jókòó síwájú fọ́tò ọgọ́ta. Ó ti rò ó títí. Ọ̀rọ̀ ilé onílé ni, àbí? Bó bá yọ ọkùnrin náà, bóyá ó bá ìyàwó bo irọ́ mọ́lẹ̀, bí ìjọsí. Bó bá kọ̀, bóyá ó fọ́ ilé ẹni ẹlẹ́ni. Ó ní òun á kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ náà sílẹ̀ ná, bó bá di Ọjọ́bọ̀, òun á wo ojú ìyàwó kóun tó mọ bóyá òun á fún un.

Iṣẹ́ ọgọ́ta rọrùn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Dúró-Bẹ́ẹ̀ kì í ya nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti ya ilẹ̀kùn kan náà nígbà tó wà ní títì. Kò nílò kó máa gé ọkùnrin náà díẹ̀díẹ̀. Kó kàn gbé ilẹ̀kùn títì bo ilẹ̀kùn ṣíṣí, ó parí. Ó gbé e bò ó. Ọkùnrin náà wọlé sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó di àwátì. Ó ku kó tún etí rẹ̀ ṣe, kí férémù ilẹ̀kùn bá ara wọn mu. Ó gbé ìbòrí náà kúrò díẹ̀ láti wo etí ti àkọ́kọ́, ó sì fẹ ojú fọ́tò náà títí férémù ilẹ̀kùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ojú kọ̀ǹpútà.

Ibẹ̀ ló ti rí inú yàrá náà, láàárín èjìká ọkùnrin náà àti férémù. Àwọn àga ṣì wà nínú ọ̀rá. Orí tábìlì dígí mọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Dúró-Bẹ́ẹ̀ ṣí fọ́tò tó ṣáájú rẹ̀. Àtíkè, kóòmù, bàtà, òdòdó, ife tíì mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ kún orí tábìlì kan náà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló wà láàárín méjèèjì. Ta ló kó gbogbo ẹrù yẹn kúrò nílẹ̀, tó tún wọ ọ̀rá fún àga, tó tún kó wọn padà níṣẹ́jú márùn-ún?

Ó tún fẹ ojú fọ́tò sí i. Aago kan wà lára ògiri inú yàrá náà, òkè èjìká ọkùnrin náà gan-an. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ló ń sọ. Àmọ́ kámẹ́rà rẹ̀ ní mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú, kámẹ́rà rẹ̀ kì í sì í yẹ̀. Ó lọ wo fọ́tò ìyàwó níwájú dígí. Aago kan náà wà nínú dígí ní òdìkejì. Ó yí fọ́tò náà padà kó lè kà á. Mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó bá ti kámẹ́rà ìyàwó rẹ̀ mu gẹ́lẹ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé Dúró-Bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà ìyàwó rẹ̀ ti gbó. Bátìrì kékeré tó ń bá a rántí aago ti kú nínú rẹ̀, nítorí náà bí wọ́n bá ti yọ bátìrì ńlá, ó ti gbàgbé àkókò nìyẹn, èèyàn ní láti tún un kọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi ní òfin kan. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kámẹ́rà méjèèjì ní láti kọ́kọ́ ya aago ọwọ́ Dúró-Bẹ́ẹ̀, kí ó lè mọ̀ bó bá délé bóyá àkókò wọn ṣe déédéé. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn èèyàn ń pariwo pé kí wọ́n yára, wọn kò yà á. Nígbà tó ń to fọ́tò, ó rí i pé fọ́tò aago kò sí, ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè pa èèyàn.

Ó dìde, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà sọ́ọ̀bù níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń gbálẹ̀.

"Ìyá wọn, jọ̀wọ́, aago wo lo fi tún ti kámẹ́rà rẹ ṣe lọ́jọ́ náà?"

Obìnrin náà fi ìgbálẹ̀ lélẹ̀. "Aago ara ògiri yàrá yẹn. Ẹ ti lọ bá ọkọ ìyàwó. Kí ló tún ṣe, ẹ̀yìn aago náà ni mo fi ọkùnrin yẹn pa mọ́ sí?"

"Aago náà fi àádọ́ta ìṣẹ́jú wà lẹ́yìn."

Kò nílò kó sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n. Ó rí i tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣírò nínú orí. Mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìyàwó jókòó síwájú dígí. Ọkùnrin náà ti jáde láti mẹ́sàn-án kọjá ogún, nígbà tí yàrá ṣófo. Nígbà náà, ìyàwó kò tíì dé gbọ̀ngàn rárá.

"Ọmọ yẹn," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ó wọlé, ó jókòó sórí àga onírin. "Kí ni wọ́n ti ń fojú rẹ̀ rí?"

Ní Ọjọ́bọ̀, nọ́ọ̀sì náà dé nínú aṣọ iṣẹ́. Ó bojú wẹ̀yìn wo ojú títì kó tó jókòó. Ó kí wọn dáadáa, ó bi wọ́n léèrè ara, ó ní òun kò fẹ́ fi àkókò wọn ṣòfò. Dúró-Bẹ́ẹ̀ ní kó wá wo nǹkan kan, ó sì fi tábìlì tó ṣófo hàn án, ó fi aago hàn án. Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni, ìyàwó. Èmi ni mo to fọ́tò náà bẹ́ẹ̀."

Obìnrin náà wo aago yẹn pẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò dún bíi ti lẹ́tà mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ rí i. Ó fi han ọkọ mi. Ìyẹn bi mí lẹ́ẹ̀kan péré pé, 'Ta lọkùnrin yẹn?' Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Kò tún bi mí mọ́. Pálọ̀ ló ń sùn látìgbà náà, ó ti di ọjọ́ mọ́kànlá. Bàbá, ó dé ibì kan témi gan-an ń bi ara mi pé àbí ẹnì kan wà lẹ́yìn aṣọ fèrèsé tí mi ò rí. Mo rò pé bí fọ́tò yẹn ò bá sí mọ́, ọ̀rọ̀ náà á tán."

"Kò ní tán," ni ìyàwó Dúró-Bẹ́ẹ̀ wí. "Fọ́tò yẹn nìkan ló lè gbà ẹ́."

Dúró-Bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gbé ilẹ̀kùn bo aago yẹn lọ́jọ́ tó ṣáájú. Kò sọ ìyẹn síta.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pè é," ni nọ́ọ̀sì náà wí. "Bí mo bá pè é, á ní mo ti bá yín sọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

Ọkọ dé láàárọ̀ Sátidé, olùkọ́ ìṣirò kan tó ga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bá a wá, ìyẹn ló sì ń sọ̀rọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ìyàwó dúró sẹ́bàá ògiri. Dúró-Bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àlàyé, ó ń kánjú tẹ kọ̀ǹpútà, ó sì ṣèèṣì ṣí ẹ̀dà 203 tó ti tún ṣe.

Olùkọ́ náà tẹ̀ síwájú. "Ọkùnrin náà wà nínú èyí tẹ́lẹ̀. Kò sí níbẹ̀ mọ́."

Ìyàwó kúrò lẹ́bàá ògiri.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ọ́," ni ìyàwó wí. "Mo kọ lẹ́tà sí wọn."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ẹ ò rí nǹkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè yọ odidi èèyàn láìkù síbì kan, ṣé ẹ ò lè kun aago sára ògiri? Tábìlì ńkọ́, ta ló sọ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ palẹ̀ rẹ̀ mọ́?"

Dúró-Bẹ́ẹ̀ mú káàdì kámẹ́rà jáde, ó ní ojúlówó ló wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Obìnrin náà kò wò ó. Ojú tó ń fi wo Dúró-Bẹ́ẹ̀ ni Dúró-Bẹ́ẹ̀ mọ̀ dáadáa. Ojú tóun náà fi wo ìyàwó òun lọ́jọ́ Ajé ni.

Ìyàwó rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. Ó mú ìborùn rẹ̀ lórí àga. "Aago náà ṣì wà lára ògiri," ló wí. "Kò jìnnà síbí. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Màmá tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn ló ṣílẹ̀kùn fún wọn, kọ́kọ́rọ́ bíi ogún ló so mọ́ ìdí. Yàrá ìmúra ṣófo, àwọn àga wà nínú ọ̀rá. Olùkọ́ ìṣirò wo aago ara ògiri, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó mú fóònù, ó wo ìyẹn náà. Mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Aago ògiri ní mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú.

"Ó ń lọ o," ni màmá oníkọ́kọ́rọ́ wí, ó rò pé wọ́n fẹ́ fẹjọ́ sun òun ni. "Kò dúró rí. Ẹni tó gbé e kọ́ ni kò tò ó dáadáa, mo sì ti sọ fún wọn títí."

Ìyàwó Dúró-Bẹ́ẹ̀ fi fọ́tò hàn án lórí fóònù. "Màmá, ǹjẹ́ ẹ mọ ọkùnrin yìí?"

"Bàbá oníbàtà funfun." Màmá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ilé ìtọ̀ ló ń wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ṣílẹ̀kùn yìí, mo ní bàbá, ibí kọ́, ìyàwó ò tíì dé. Ìgbéyàwó tó wà nínú gbọ̀ngàn òkè ló bá wá, kò sì mọ̀ pé ìgbéyàwó méjì ló wà. Ó jókòó tì yín nísàlẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó bá yín ya fọ́tò. Lókè, òun ni wọ́n ń dúró dè pé kó wá sọ̀rọ̀ fún ọkọ àti ìyàwó. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá fà á lọ. Ó ní òun ń ṣe kàyéfì pé kò sẹ́ni tóun mọ̀ níbẹ̀ àyàfi kéèkì."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rántí pé òun ní ibì kan láti lọ. Ó dágbére fún ilẹ̀kùn, ó jáde.

Olùkọ́ náà dúró síbẹ̀, ó ń yí aago ọwọ́ rẹ̀. "Mo kàn bi ọ́ ní ìbéèrè ni," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Mi ò fẹ̀sùn kàn ọ́."

"O bi mí lẹ́ẹ̀kan," ni obìnrin náà wí, "o sì gbé ìrọ̀rí lọ sí pálọ̀."

Olùkọ́ náà ní kó má bínú. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìkejì dún jẹ́jẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì náà yíjú sí Dúró-Bẹ́ẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe kí i lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ohùn lẹ́tà sì padà wọnú ẹnu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, mo ní ẹ̀bẹ̀ kékeré kan. Ẹ má yọ ọkùnrin náà mọ́. Ẹ dá a padà síbi tó wà nínú gbogbo wọn. Bí kò bá ní ni yín lára, ẹ bá mi tẹ nọ́ńbà ọgọ́ta ní ńlá, kí ẹ fi férémù sí i. Pálọ̀ ni màá gbé e kọ́, òkè àga tí ọkọ mi ń sùn sí."

Ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀. Kò ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Dúró-Bẹ́ẹ̀ pa ẹ̀dà márààrún tó ti tún ṣe rẹ́. Ó ṣí ojúlówó fọ́tò ọgọ́ta, ó tò ó fún bébà ńlá. Ìyàwó rẹ̀ ń nu ojú kámẹ́rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ lọ síbi aago yẹn ló ti ń bá a sọ̀rọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni.

"Mélòó lẹ fẹ́ tẹ̀?" ló bi í.

"Méjì."

"Ẹyọ kan ni ìyàwó sọ."

"Ìkejì, tèmi ni," ni Dúró-Bẹ́ẹ̀ wí, kò sì gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Ibi tí mò ń jókòó sí ni kó o bá mi gbé e kọ́."

Obìnrin náà dìde, ó lọ wá ìṣó àti òòlù.